Ìwé Ẹ̀rí Àmì-Ọjà Lè Ti Kú Kẹ́ ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣòwò lókè ọ̀hún, bí ẹnìkan bá fẹ́ ta orúkọ búrẹ́dì rẹ̀ fún yín, ẹ má torí ìwé ẹ̀rí sanwó. Ìwé náà kì í sọ bóyá àmì-ọjà ọ̀hún ṣì wà láàyè.

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lò, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ̀wé béèrè fún un. Bí wọ́n bá sọ ọ́ dọ̀tun, ó di ọdún 14 sí i. Ká ní oṣù Kẹta ọdún 2016 ni wọ́n kọ̀wé, oṣù Kẹta ọdún 2023 ló parí. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé ìsọdọ̀tun, ẹ dúró ná.

Ẹ fún agbẹjọ́rò yín ní nọ́ńbà inú ìwé náà, kó lọ yẹ rẹ́jísítà wò ní Àbújá, kó sì gba èsì lákọsílẹ̀. Ta ni olóhun? Ṣé kíláàsì 30 tí búrẹ́dì wà ni? Ṣé wọ́n ti sọ ọ́ dọ̀tun? Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá tó ti dolóògbé ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ yí i sórúkọ ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀.