Béárì Ò Sí l'Áyétòrò

1/ Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ra ìwé aláwòrán fọ́mọ ọdún mẹ́ta, ẹ wá ná, ìjà ni mo bá dé. Ìwé tẹ́ ẹ fi ń tẹ́ ọmọ sùn yẹn, tó kún fún béárì mẹ́wàá àti pẹ́ńgúìnì ogún, kì í kọ́ ọmọ ní ònkà. Orin ló ń kọ́ ọ.

2/ Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún mẹ́ta. Ayétòrò ni wọ́n ń gbé, létí òkun níbí ní Ìlàjẹ. Ó máa ń ka "wọ́ọ̀nù, túù, tírì" dé ogún láì mí, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bá Àǹtí mú edé mẹ́ta wá nínú abọ́ yẹn." Ẹ̀kúnwọ́ ló kó wá. Mo ní kó mú méjì. Ẹ̀kúnwọ́ mìíràn.

3/ Ọmọ náà ò gọ̀ o. Ẹnu ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń mọ nọ́ńbà kí ọwọ́ ẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Á kọ́kọ́ mọ ohun tí "kan" jẹ́, lẹ́yìn náà "méjì", lẹ́yìn náà "mẹ́ta", oṣù bíi mélòó kan sì lè wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kí wá ni ìwé tó ń sáré dé ogún ń lé? Márùn-ún ti tó.

4/ Àwọn ìwé Yorùbá kan náà ń bí mi nínú. Wọ́n á ya akàn mẹ́ta, wọ́n á kọ "ẹ̀ta" sábẹ́ ẹ̀. Ta ló ń sọ "akàn ẹ̀ta" nínú ilé yín? Ení, èjì, ẹ̀ta wà fún kíka lásán. Tí nǹkan bá wà nílẹ̀ tá à ń kà, akàn kan, akàn méjì, akàn mẹ́ta ni. Ohun tó yẹ kó wà lójú ewé nìyẹn: "Akàn mẹ́ta." Orúkọ ẹran á kọ́kọ́ dé, ojú ọmọ á lọ síbẹ̀, nọ́ńbà á wá tẹ̀ lé e.

5/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Ṣé kọ́mọ má mọ ẹran ibòmíì ni?" Kó mọ̀ ọ́n! Àmọ́ ẹ má di ẹrù méjì lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran tí kò rí rí, ojú ewé "kan" ni kẹ́ ẹ fi sí, níbi tí kíkà ò ti le. Bí mo ṣe to tiwa nìyí: erinmilókun kan, ewúrẹ́ méjì, akàn mẹ́ta, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin, ẹja márùn-ún. Erinmilókun nìkan ni àlejò.

6/ Ibi tó dùn mí jù rèé. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti lé ìyá àgbà kúrò lórí ẹní. Bàbá wà lójú omi lóru, ìyá ń yan ẹja, màmá àgbà ló ń tẹ́ ọmọ sùn. Màmá tó ti ń ka akàn tà kí wọ́n tó bí wa wá dẹni tó ń sọ pé, "Dúró de màmá ẹ, èmi ò mọ̀wé." Ìwé akàn mẹ́ta ò nílò kéèyàn mọ̀wé. Àwòrán ni yóò kà.

7/ Bó ṣe ń kà á rèé. Ìka ọmọ ló ń kan akàn, kì í ṣe ìka màmá. "Kan, méjì, mẹ́ta." Á dúró díẹ̀, á wá fi ọwọ́ yí gbogbo wọn ká: "Akàn mẹ́ta." Ẹ má fo ìyẹn o. Ibẹ̀ lọmọ ti ń gbọ́ pé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ni gbogbo wọn. Tí akàn bá wọ́ lura wọn nínú àwòrán, ẹsẹ̀ lọmọ á máa kà, torí náà ẹ tò wọ́n lọ́wọ̀ọ́wọ́, kí àlàfo wà.

8/ Páálí ìńdómì la fi ṣe tiwa. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ibí máa ń sọ bébà di rírọ̀, gọ́ọ̀mù á sì ṣí. A fi sẹ́lótéèpù fẹ̀ẹ̀rẹ̀ bo ojú àti ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan dé etí, a gé igun ẹ̀ róbótó, a fi okùn àwọ̀n rán an, a sì gé ìdí okùn kúrú kó má bàa bọ́ sẹ́nu ọmọ. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, gbogbo ẹran ti sùn. Tọ́ọ̀ṣì la fi ń kà á, fóònù wà níta. Ìwé kan náà, alaalẹ́.

9/ Ẹ má dán ọmọ wò lórí ẹní, oorun ni ibẹ̀ wà fún. Ìdí abọ́ edé ni ìdánwò. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan àbọ̀, mo tún ní, "Fún Àǹtí ní méjì." Méjì ló mú wá. Mo bèèrè mẹ́ta, ó kó ẹ̀kúnwọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, a ṣì wà lójú ewé akàn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un o, àmọ́ méjì yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Ogún tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún ńkọ́?