Owó-orí ilẹ̀ ogún: èrè là ń ṣírò, kì í ṣe gbogbo owó

Lójú tèmi, rìsíìtì ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ kì í ṣe ìwé tí à ń sọ nù. Orí èrè ilẹ̀ ni ìjọba ti ń gba owó-orí, kì í ṣe orí gbogbo iye tí ẹ tà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọmọ 5 ta ilẹ̀ ogún ní mílíọ̀nù 6 náírà lọ́dún 2026. Ẹ yọ 200,000 tí bàbá fi rà á. Ẹ tún yọ 800,000 tí lọ́yà, sàfíyọ̀ àti àjẹ́ńtì gbà. Èrè ku mílíọ̀nù 5. Bí ìpín wọn bá dọ́gba, mílíọ̀nù 1 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 ní ká ro èrè yìí pọ̀ mọ́ owó mìíràn tó wọlé fún oníkálukú lọ́dún náà. Kò sí owó-orí lórí 800,000 àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní owó mìíràn á san ìdá 15 nínú 100 lórí 200,000 tó kù, ìyẹn 30,000 náírà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń mówó wọlé á san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí rìsíìtì bá wá sọnù, kí lẹ fẹ́ fi hàn pé ẹ yọ? Nítorí náà, ẹ kọ ìpín kálukú sílẹ̀ kí ẹ tó tà á, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ẹ bá sanwó fún, kí kálukú sì lọ san tirẹ̀ ní ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀.