Ìgò kan, ọmọ 10: ṣé ká dúró kí wọ́n pé ni?

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá tó ń sanwó sémìjàn, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára la bá dé lónìí.

Ìyá alákàrà kì í gbé epo kaná nítorí àkàrà kan ṣoṣo. Epo á jó, igi á jó, èrè ò sì ní sí. Ó máa ń jẹ́ kí oníbàárà pọ̀ díẹ̀ ná. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn, ó sì dára, torí ẹni tó ń dúró de àkàrà, ebi díẹ̀ náà ló máa pa á.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ń lò láwọn ilé ìwòsàn kan fún abẹ́rẹ́ èéyi, èyí táwọn mìíràn ń pè ní ìta. Ìyá á gbé ọmọ oṣù 9 dé, wọ́n á ní: "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ò tíì pé." Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n alákàrà ò bá ibẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ti òṣìṣẹ́ ìlera rò. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni oògùn yìí nínú ìgò rẹ̀, ìgò tó sì wọ́pọ̀ máa ń tó ọmọ 10. Tí wọ́n bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí ṣáájú, wọ́n á kó ìyókù dànù. Kò sí ohun tó ń pa kòkòrò nínú rẹ̀, nítorí náà tí kòkòrò bá bọ́ sí i, ńṣe ni yóò máa pọ̀ sí i. Lọ́dún 2017, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Sùdáànì, wọ́n lo oògùn èéyi fún ọjọ́ 4 láìsí òtútù, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń gún àwọn ọmọ. Ọmọ 15 ló kú. Torí náà, ẹ má ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọ́jú ìyókù di ọ̀la.

Ẹ wá wo ìṣirò yìí. Ká ní ọmọ 4 ló wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tí wọ́n bá ṣí ìgò, ti ọmọ 6 á ṣòfò, wọ́n á sì kọ òfò náà sínú ìwé. Tí wọn ò bá ṣí i, ìwé á mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ọmọ 4 ti padà sílé lásán. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ti oko wá, ó ti san owó sémìjàn lọ àti bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ní ọjà láti ná. Tí kò bá padà wá mọ́, ìwé wo ló máa kọ òfò yẹn? Tọ́mọ bá fi máa pé oṣù 9, ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ ti ń tán. Afẹ́fẹ́ ni èéyi sì ń bá rìn: ẹni tó ní in lè ti jáde nínú yàrá, kí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún wákàtí 2. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbà pé kí wọ́n ṣí ìgò, bó ṣe ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Ṣé kíkó ọmọ jọ burú ni? Rárá o. Kí wọ́n kó wọn jọ kí wọ́n tó kúrò nílé. Kí ilé ìwòsàn dá ọjọ́ kan, tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí wọ́n kéde rẹ̀, kí gbogbo ìyá sì dé láàárọ̀ kí wákàtí 6 náà lè tó lò. Àmọ́ ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, òun nìkan tó. Àfi tí ìgò bá ti fẹ́ẹ̀ tán nílé ìwòsàn ni dídúró lè nídìí, kí wọ́n sì dá ọjọ́ pàtó fún ìyá nígbà náà, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Gbogbo oògùn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu nítorí rọpárọsẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, omi ni wọ́n láti ilé. Tí ìgò wọn bá wà nínú òtútù dáadáa, wọ́n lè lò ó títí di ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa ní kẹ́ ẹ dúró de ọmọ ẹlòmíràn fún ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n pé: "Ọjọ́ wo lẹ ń ṣí ìgò èéyi?" Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ padà, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ti pé oṣù 9, ọ̀nà wa jìn, ẹ bá mi ṣí i." Kì í ṣe àfojúdi.