Ta ni ó ni orin tí a kọ ní Bermondsey?



Ní ọdún tó kọjá, a ṣe ọdún Ọ̀ṣun nínú gbọ̀ngàn kan tí a yá ní Bermondsey, kò jìnnà sí Old Kent Road. Àwa méjìlá ni a kọrin, àwọn onílù mẹ́ta sì wà pẹ̀lú wa. Ìyá tí ó ń dá orin fún wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òṣogbo ni ó ti kọ́ àwọn orin náà lẹ́nu ìyá tirẹ̀. Arákùnrin kan tí ó máa ń bá wa jókòó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání. Ó ní kí àwọn tí kò lè wá lè gbọ́ ọ nílé ni. A gbà fún un.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a gbé fídíò tiwa láti ọjọ́ yẹn sórí ayélujára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé ti dé. Wọ́n ní ẹlòmíràn ni ó ni orin inú fídíò náà, àti pé òun ni owó ìpolówó tó bá tibẹ̀ wá tọ́ sí. A wo orúkọ olóhun, arákùnrin wa ni! Ó ti fi ohùn wa ṣe àwo, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí a ń kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá orin sí.

Ariwo tí gbogbo wa kọ́kọ́ pa ni pé orin òrìṣà kò ní olóhun. Ṣùgbọ́n ohun tí arákùnrin náà fi dá wa lóhùn gan-an nìyẹn: bí kò bá ní olóhun, kí ni òun jí? Mo ti ronú lé ìbéèrè yẹn lórí títí. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbèjà orin wa ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ kó o lọ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1960, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ṣe àwo Drums of Passion ní Amẹ́ríkà. Orin Ṣàngó àti orin Ọya wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg, olórin Faransé, gbé àwo tirẹ̀ jáde, ó sì mú orin mẹ́ta látinú àwo Ọlátúnjí láìdárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó di ti ẹjọ́, tí orúkọ Ọlátúnjí fi wọ ibi tó yẹ kó wà. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fún un lágbára láti jà. Kì í ṣe pé Yorùbá ni ó ni orin. Ó ní àwo lọ́wọ́, àwo náà ní ọdún, orúkọ ẹnì kan sì wà lára rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń fi orin pe Ṣàngó kí wọ́n tó bí Ọlátúnjí kò ní ìwé kankan tí wọ́n lè gbé síwájú adájọ́.

Bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ ṣe rí náà nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni ó ń yà sọ́tọ̀ nínú ohun tí àwa ń pè ní orin: orin fúnra rẹ̀, àwo tí a gbà á sí, àti iṣẹ́ àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ̀tọ́ lórí orin jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ tó 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orin tí ìyá ìyá wa bá láyé kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ yìí mọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di tirẹ̀, bó ti wù kó kọ orúkọ sí i tó. Bí ènìyàn bá fi ohùn tuntun tàbí dùùrù kún un, ohun tó fi kún un nìkan ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí kì í ṣe gbogbo orin tí a ń kọ lójúbọ ló ti pẹ́. Àwọn kan wà tí àwòrò tó ṣì wà láàyè dá sílẹ̀. Bí orin bá dárúkọ ọba tó jẹ láìpẹ́ yìí tàbí ohun ayé òde òní, ẹ bi àgbà léèrè kí ẹ tó pè é ní ti ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àwo jẹ́ ti ẹni tó ṣètò gbígbà rẹ̀ sílẹ̀. Ibí ni arákùnrin wa dúró lé. Òun ló gbé ẹ̀rọ wá, òun ló tò ó, torí náà ó lè ní àwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní orin.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Gbogbo ẹni tó kọrin tàbí tó lùlù lójú agbo ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí ohun tó ṣe, ì báà jẹ́ pé orin náà ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà wá sílẹ̀ fún títà, tàbí kó fi wá sórí ayélujára, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Àṣẹ tí a fún un pé kí àwọn ará ilé gbọ́ ọ kì í ṣe àṣẹ láti tà á. Ohun tí a kọ sínú èsì wa nìyẹn: àwa ni a kọ ọ́, orúkọ wa rèé, a kò gbà. Wọ́n fún un ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Kò fèsì, wọ́n sì dá fídíò wa sílẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìjọba ni kó gba orin náà fún gbogbo wa. Òfin Nàìjíríà ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi orin ìbílẹ̀ ṣòwò lẹ́yìn òde àṣà rẹ̀ ní láti gba àṣẹ, kó sì dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tó ti mú un. Mo fara mọ́ ìdárúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ ni ó ń fúnni láṣẹ, kì í ṣe ìyálórìṣà tàbí ìlú tó ni orin. Orin Ọ̀ṣun sì ti wà ní Bràsíìlì àti Kúbà kí Nàìjíríà tó di orílẹ̀-èdè. Ṣé ilé òrìṣà ní Bahia ni yóò wá máa kọ̀wé sí Àbújá?

Lójú tèmi, a kò nílò olóhun kan ṣoṣo fún orin. Alágbàtọ́ ni a nílò, kí alágbàtọ́ sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà. Ní ilé wa báyìí, kí ìlù tó dún, a ó ti sọ ẹni tó lè gba ohùn sílẹ̀ àti ohun tí yóò fi ṣe, a ó kọ ọ́ sórí ìwé, gbogbo wa yóò sì fọwọ́ sí i. Orin mìíràn wà tí a kò ní í gbà sílẹ̀ rárá. Níbi orúkọ aṣẹ̀dá, a máa ń kọ pé orin àjogúnbá ni, a ó sì fi ìlú tó ti wá àti orúkọ ẹni tó dá a kún un.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Kò sí akéwì tó ń la ẹnu láìjúbà àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ìyá, wọ́n ní ti owó kọ́ ni ó dun àwọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọmọ náà gba ohùn àwọn. Wọ́n ní ó kọrin, kò sì júbà.