"Ṣọ́ra" Kò Ṣe é Fi Àmì Sí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ẹ máa ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń lo àkàbà." Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi hàn lórí síláìdì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ bá dé sáìtì ìkọ́lé ní Lọ́ńdọ̀nù. Gírámà rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí ìwé àyẹ̀wò tí òṣìṣẹ́ yóò mú dání, kí ni yóò fi àmì sí? Ta ló máa sọ pé òun kò ṣọ́ra?

Lójú tèmi, ẹni tó kàn da ọ̀rọ̀ síláìdì kọ, tó wá ya àpótí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kó sọ àṣẹ di ìbéèrè tí ojú lè dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ní, "Ẹ gbé àkàbà sí igun tó tọ́." Igun wo? Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Bìrìtéènì ni mẹ́rin sí ọ̀kan. Bí orí àkàbà bá kan ògiri ní mítà 4 sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 1 jìnnà sí ògiri. Bó bá sún mọ́ ògiri jù, ó lè ṣubú sẹ́yìn. Bó bá jìnnà jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yọ̀. Ìbéèrè wa yóò wá rí báyìí: "Mítà 4 sókè, mítà 1 síta: ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Ẹ rí i pé àkàbà dára" le ju ìyẹn lọ, nítorí nǹkan púpọ̀ ló fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ pín in: "Ṣé rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì?" "Ṣé òpó kankan ti tẹ̀?" Ẹ dúró ná! Ní ti rọ́bà, "Bẹ́ẹ̀ ni" ló dára; ní ti òpó, "Rárá" ló dára. Ẹni tó ti rẹ̀ yóò kàn máa fi àmì sí "Bẹ́ẹ̀ ni" lọ ni. Ẹ yí i padà: "Ṣé òpó méjèèjì ṣì tọ́?"

Ètò wọn náà ṣe kókó. A ó yẹ rọ́bà àti òpó wò nígbà tí àkàbà ṣì wà nílẹ̀, ká tó béèrè nípa igun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Rárá", ẹ kọ ohun tó kàn: "Má gùn ún. Sọ fún ọ̀gá sáìtì." Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí "Rárá" kan kò yọjú, èmi kò ní gba ìwé náà gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń fi àmì sí i, kí àkàbà tó jáde.

Àlàyé nípa ìdí tí ẹsẹ̀ àkàbà fi ń yọ̀ kò sí lórí ìwé yìí o. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí síláìdì, níbi tí òṣìṣẹ́ ti jókòó, tó sì lè béèrè ìbéèrè.