Ṣé Kí Páńẹ́lì Sólà Máa Tẹ̀lé Oòrùn Ni, Tàbí Kí Ó Dúró Sójú Kan?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àríyá. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni, èyí tí a ń ti ara oòrùn rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibùdó ti Yunifásítì Báyérò ní 2019, àti ti mẹ́gáwáàtì 10 ní Kúmbótsò ní 2023, irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá mọ́ ní Kánò.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé ìwé àbá méjì wá sí orí tábìlì mi kí n túmọ̀ wọn sí èdè Yorùbá fún ìpàdé àwọn oníṣòwò kan. Agbaṣẹ́ṣe méjì ni ó kọ wọ́n. Ibùdó mẹ́gáwáàtì 10 ni olúkúlùkù fẹ́ kọ́, àwọn oníṣòwò ni yóò sì máa ra yúnìtì iná náà fún ọdún 25. Ẹni kìíní ní òun yóò to páńẹ́lì sórí irin tí kò ní mira. Ẹni kejì ní tòun yóò máa tẹ̀lé oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, iná tí yóò sì mú wá yóò fi 20 nínú 100 ju ti ẹnì kìíní lọ. Nígbà tí wọ́n ka èyí ní ìpàdé, àtẹ́wọ́ ró. Èmi kò pàtẹ́wọ́, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti í mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà méjèèjì ṣe rí. Ní ti èyí tí ó dúró sójú kan, a ó ri òpó irin mọ́lẹ̀, a ó sì to páńẹ́lì lé e lórí kí ó dagun díẹ̀ kọjú sí gúúsù. Ní Kánò, dídagun ìwọ̀n 13 tó. Bí a bá ti dì í tán, ó parí nìyẹn. Ní ti èyí tí ń tẹ̀lé oòrùn, a ó na ọ̀pá irin gígùn láti àríwá sí gúúsù, a ó to páńẹ́lì bí 84 lé e, ẹ́ńjìnì kékeré oníná kan yóò sì máa yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀, ọ̀wọ́ páńẹ́lì náà kọjú sí ìlà-oòrùn. Ní ọ̀sán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Òótọ́ ni pé èrè wà nínú èyí. Páńẹ́lì tí ó dúró sójú kan máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ̀sán gangan, ṣùgbọ́n ní aago 8 àárọ̀ àti ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ kàn ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni. Èyí tí ń yí ojú rẹ̀ padà a máa gba iná ní àwọn wákàtí wọ̀nyí, ìyẹn wákàtí tí ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìsọ̀ àti èyí tí ó ń múra láti tì í, tí jẹnẹrétọ̀ ì bá máa mu dísẹ́lì.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ̀ tààrà láti ojú oòrùn nìkan ni yíyí ojú yìí wúlò fún. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọsánmà tàbí eruku ti fọ́n ká, gbogbo ojú ọ̀run ni ó ti ń wá. Kò sí ibi tí a lè kọjú sí kí a fi rí i gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè fi òjìji ara rẹ̀ wò ó. Bí etí òjìji rẹ bá mú ṣáká lórí ilẹ̀, títẹ̀lé oòrùn ń mú èrè wá ní ọjọ́ náà. Bí òjìji náà bá ṣú bàìbàì tí o kò rí etí rẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyẹn kàn ń yí lásán ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọyẹ́ ní Òkè Ọya mọ ohun tí mò ń wí. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, oòrùn a máa funfun bí awo tánganran lẹ́yìn eruku. Ohun mìíràn tún wà tí agbaṣẹ́ṣe kejì kò kọ sínú ìwé rẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà, oòrùn a máa gba ìhà gúúsù kọjá. Ní ọ̀sán, ọ̀wọ́ tí ń tẹ̀lé oòrùn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò dagun sí gúúsù rárá. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ̀ tààrà bá jẹ́ 100, nǹkan bí 82 ni yóò gbà ní ọ̀sán nínú oṣù náà, nígbà tí èyí tí ó dúró sójú kan yóò gba bí 92. Ohun tí ó jèrè ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó ń san díẹ̀ padà nínú rẹ̀ ní ọ̀sán, ní àkókò tí eruku pọ̀ jù lọ. Nítorí náà, èrè 20 nínú 100 yẹn bá aginjù mu, bíi ti Bẹ́nbàn lẹ́bàá Aswáànì ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí àwọsánmà ti ṣọ̀wọ́n. Ní Kánò, 15 ni èmi yóò fi ṣe ìṣirò. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí àwọsánmà ti pọ̀ gan-an, kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò owó. Kí a fi náírà 100 dúró fún gbogbo owó tí a ó fi kọ́ ibùdó tí ó dúró sójú kan, kí a sì ní yóò máa mú yúnìtì mílíọ̀nù 16 wá lọ́dún. Èyí tí ń tẹ̀lé oòrùn yóò gba náírà 108, nítorí irin rẹ̀ àti ẹ́ńjìnì rẹ̀. Yóò sì mú mílíọ̀nù 18.4 wá. Bí a bá dúró níbẹ̀, ó borí. Ibi tí ìpàdé náà dúró sí gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ yàtọ̀ sí ilé títọ́jú. Kí a ní ìtọ́jú èyí tí kò mira ń gba náírà 1.50 lọ́dún: fífọ páńẹ́lì, gígé koríko, wíwo wáyà. Ní ọdún 25, gbogbo owó rẹ̀ di náírà 137.50 lórí yúnìtì mílíọ̀nù 400, èyí tí í ṣe kọ́bọ̀ 34.4 fún mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Bí ìtọ́jú èkejì bá jẹ́ náírà 1.80 lọ́dún, yóò di náírà 153 lórí mílíọ̀nù 460, ìyẹn kọ́bọ̀ 33.3. Ó ṣì borí. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú náà bá di náírà 2.10, owó náà di 160.50, ìyẹn kọ́bọ̀ 34.9, ó sì ti fìdí rẹmi. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ péré lọ́dún ni ó dá èrè di àdánù. Èmi ni mo yan àwọn iye owó wọ̀nyí fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti ìwé àbá náà. Ẹ fi iye tí agbaṣẹ́ṣe bá kọ fún yín rọ́pò wọn, kí ẹ tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé orí ìtọ́jú ni ẹjọ́ yìí dá lé.

Kí ni ìtọ́jú náà? Mẹ́gáwáàtì 10 gba páńẹ́lì bí 18,000, tí a tò sí ọ̀wọ́ 216 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 84. Ẹ́ńjìnì 216 nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ 216 tí ń darí wọn, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ bẹ́rìnì tí eruku ọyẹ́ ń wọ̀. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìjì tún wà, tí ó yẹ kí ó pàṣẹ fún gbogbo ọ̀wọ́ láti bọ́ sí ipò ààbò kí ìjì tí ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí ẹ̀rọ yìí bá kú láìsí ẹni tí ó mọ̀, ìjì kan ṣoṣo lè fa ọ̀pá lọ́ kí ó sì fọ́ páńẹ́lì.

Bí ọ̀wọ́ kan bá há ní ipò àárọ̀ rẹ̀, tí ó dagun ìwọ̀n 50 sí ìlà-oòrùn, yóò ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí aago 3, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn yóò máa ràn sí. Ọ̀wọ́ kan kò pa ibùdó. Àmọ́ kí a ní 40 há nínú 216, tí wọ́n ń dúró de ẹ̀yà ẹ̀rọ láti òkè òkun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀. Yúnìtì tí yóò lọ lọ́dún lé ní mílíọ̀nù 1. Ìyẹn sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù 2.4 tí a tìtorí rẹ̀ san owó lé owó. Kò sì sí ariwo tí yóò ta ènìyàn lólobó, nítorí iná ṣì ń tàn.

Ọ̀nà láti mọ̀ kò le. Kí ẹnì kan dúró ní ìpẹ̀kun oko páńẹ́lì náà ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀wọ́ tí kò bá dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti há. Àtúnṣe ìgbà díẹ̀ náà kò le: kí a fi ọwọ́ yí i padà títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kí a sì dè é mọ́lẹ̀. Bí ó bá tẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kánò, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti èyí tí ó dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ó gba kí ẹnì kan wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn kan yóò bi mí pé, ‘Ṣé kí a wá pàdánù èrè àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni?’ Ìdáhùn mi ni pé kí a má ṣe fi ẹ̀rọ yìí wé òfo. Kí a fi í wé ohun mìíràn tí náírà 8 náà lè rà. Páńẹ́lì fúnra rẹ̀ kì í ṣe gbogbo owó ibùdó. Bí a bá kó náírà 8 yẹn lé kìkì páńẹ́lì àti irin rẹ̀ lórí, láìra ínfátà kún un, páńẹ́lì wa lè fi bí 13 nínú 100 pọ̀ sí i. Ínfátà yóò da díẹ̀ nù ní ọ̀sán gangan nítorí yóò ti kún, ṣùgbọ́n àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ yóò lágbára sí i, kò sì sí ohun tí yóò há. Bí a bá ka ilẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ń tẹ̀lé oòrùn ń fẹ́ ààyè tí ó fẹ̀ láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì, kí wọ́n má baà ṣíji bo ara wọn.

Ní tèmi, kí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí mú ìwé kìíní, kí wọ́n sì ní kí agbaṣẹ́ṣe náà fi páńẹ́lì kún un. Bí ọkàn wọn bá wà lórí èkejì, kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta sínú àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: kí ẹ́ńjìnì àti ẹ̀rọ adarí tí ó tó pààrọ̀ ọ̀wọ́ 20 wà nínú ilé ìkẹ́rù ní Kánò fúnra rẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe san yúnìtì tí ó bá dín padà bí ọ̀wọ́ kan bá há ju ọjọ́ 14 lọ, kí a sì máa dán ẹ̀rọ ìjì wò lóṣù kẹrin ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìkejì nínú mẹ́ta yìí, òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa ohun tí ó gbà gbọ́ nípa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìpàdé kejì yóò wáyé kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ó lọ, ẹ bá mi mú ìbéèrè náírà 2.10 yẹn dání.