Físà fún Ẹni tí Kò Ní Jáde ní Pápákọ̀ Òfúrufú

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn ènìyàn wa tó ń rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Wọ́n ní bí ènìyàn bá kàn fẹ́ bọ́ láti inú bàálù kan sí òmíràn, tí kò ní fẹsẹ̀ tẹ ìgboro ìlú onílùú, kí ló dé tí wọ́n tún ń béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjáde tàbí àìjáde nìkan ni òfin ń wò. Ó ń wo pásípọ́ọ̀tù tí ẹ mú dání, ó sì ń wo ọ̀nà tí tíkẹ́ẹ̀tì yín gbà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó fẹ́ lọ kàwé ní Bùràsílì. Físà Bùràsílì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bá a wá èyí tí owó rẹ̀ rọjú: láti Àbújá sí Fránkífọ́ọ̀tì ní Jámánì, láti ibẹ̀ sí Sáò Páólò. Wákàtí mẹ́fà péré ni yóò fi dúró ní Fránkífọ́ọ̀tì. Ǹjẹ́ ó nílò físà Jámánì? Ó nílò rẹ̀. Òfin físà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú àdéhùn Ṣẹ́ngẹ̀n ṣe ní ọdún 2009 dárúkọ orílẹ̀-èdè 12 tí àwọn ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó gba inú pápákọ̀ wọn kọjá. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Gánà náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà A ni wọ́n fi ń dá físà yìí mọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀, iye kan náà tí ẹni tó fẹ́ wọ ìlú wá ṣàbẹ̀wò ń san. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà ni pé àwọn kan ń fi ìrékọjá bojú láti wọlé láìgbàṣẹ. Ní tiwa, a rí i bí owó gegere fún àga tí ènìyàn kàn fẹ́ jókòó lé, ṣùgbọ́n òfin ni.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Jàpáànù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, wọn kò ní béèrè A lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bùràsílì ló ń lọ. Ibi tó ti ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà kan, ìwé ìgbélùú ibẹ̀ tó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, kò tó mọ́. Nọ́ọ̀sì wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gba Fránkífọ́ọ̀tì bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ní láti gba A, àfi bí ó bá ní ìwé mìíràn tó yọ ọ́.

Ọ̀nà tún lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì náà gba Páríìsì kí ó tó dé Fránkífọ́ọ̀tì. Láti Páríìsì sí Fránkífọ́ọ̀tì, inú Ṣẹ́ngẹ̀n kan náà ni, nítorí náà Páríìsì ni yóò ti kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Ó ti wọlé nìyẹn. Físà A kò lè gbé e kọjá ibẹ̀, físà Amẹ́ríkà pàápàá kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Físà ìwọ̀lú gan-an ló nílò. Bákan náà ni bí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn kò so ẹrù rẹ̀ dé Sáò Páólò. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní láti jáde lọ gba ẹrù kí ó tún fi í sílẹ̀, kò sí nínú àwọn tí kò jáde mọ́.

Kì í ṣe Jámánì ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró. Àbújá ni, níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Bí ilé-iṣẹ́ bàálù bá gbé ẹni tí kò ní físà tó yẹ, owó ìtanràn ń bẹ lọ́rùn wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e padà. Ìdí nìyí tí ẹ̀bẹ̀ kì í fi í wọ̀ wọ́n létí. Bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò ló yẹ kí ìwé ti wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì físà orílẹ̀-èdè tí ènìyàn yóò gbà kọjá. Kò sí bí a ṣe lè rí i gbà láàárọ̀ ọjọ́ tí bàálù ń gbéra.

Èyí ni a ṣe ń bá àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wa wí. Ẹ béèrè pásípọ́ọ̀tù àti físà tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbowó, kì í ṣe orúkọ àti ọjọ́ ìrìn àjò nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ì bá gba Addis Ababa lọ sí Sáò Páólò, níbi tí wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró sínú pápákọ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n ju ti Fránkífọ́ọ̀tì lọ, kí ẹ ṣírò 90 yúrò mọ́ ti Fránkífọ́ọ̀tì kí ẹ tó pè é ní èyí tó rọjú. Ẹni tó bá sì ta ọ̀nà tí oníbàárà rẹ̀ kò lè gbà, tí kò béèrè nǹkan kan, owó ọ̀hún ló yẹ kí ó dá padà fún un.